Asà Owó-Orí àti Ìnira Gbèsè: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Kan lórí Yíyan Ìdá Gbèsè Ilé-Iṣẹ́

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti ṣe ìdánwò nínú ìmọ̀ ìṣúná rí. Bí a bá gbé e kalẹ̀ ní èdè Yorùbá, báyìí ni yóò rí: “Ṣe àlàyé bí ilé-iṣẹ́ kan ṣe lè fi àǹfààní asà owó-orí wé ìnáwó ìnira gbèsè nígbà tí ó bá ń yan ìdá gbèsè àfojúsùn rẹ̀.” Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ́ ìdáhùn rẹ̀ sórí. Wọn a ya ìlà kan tí ó gòkè, tí ó sì tún sọ̀ kalẹ̀, wọn a fi ìka tọ́ka sí téńté rẹ̀ pé ibẹ̀ ni ó dára jù. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n pé níbo ni téńté náà wà fún ilé-iṣẹ́ kan pàtó, ẹnu wọn a wọ wòwò. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ dá ìbéèrè náà lóhùn ní èdè wa, pẹ̀lú ìṣirò, kí a sì fi ìlú Kìṣí ní Òkè-Ògùn ṣe ibùdó àpẹẹrẹ.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Ìdá gbèsè ni iye tí gbèsè jẹ́ nínú gbogbo owó tí a fi dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Bí owó náà bá jẹ́ ₦200 mílíọ̀nù, tí ₦50 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí a yá, ìdá gbèsè náà jẹ́ 25 nínú 100. Ìyókù, tí ó ti àpò àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ wá, ni a ń pè ní owó onípìn-ín.

Asà owó-orí ni owó-orí tí ilé-iṣẹ́ kò san nítorí pé òfin gbà á láàyè láti yọ èlé kúrò nínú èrè kí a tó ṣírò owó-orí lé ìyókù. Èrè tí a pín fún àwọn onípìn-ín kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn tí a bá ti san owó-orí tán ni a máa ń pín in. A lè pe ohun yìí ní “ààbò owó-orí,” ṣùgbọ́n asà ni a yàn láàyò. Ààbò lè wà nígbà gbogbo; asà kò wúlò àfi níbi tí ọfà bá ti ń bọ̀. A ó rí i láìpẹ́ pé ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lásán.

Ìnira gbèsè ni ọ̀rọ̀ tí ó máa ń ṣi àwọn atúmọ̀ lọ́nà jù. Àwọn kan a máa pè é ní àìlèsan gbèsè tàbí ìtúká ilé-iṣẹ́. Ìyẹn kò tọ̀nà, nítorí ìnira a máa bẹ̀rẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ tó tú ká, ó sì lè kásẹ̀ nílẹ̀ láìjẹ́ pé ó tú ká rárá. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa. Nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, a rí àlàyé nípa ológò, ẹni tí olówó máa ń rán lọ dógò ti onígbèsè. Ológò a jókòó sí ilé onígbèsè, a máa pariwo, a máa béèrè oúnjẹ, a sì máa gbé ọwọ́ lé adìyẹ tí ó bá rí. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé adìyẹ tí ológò jẹ kò dín gbèsè náà kù. Ọjà tí aya onígbèsè kò lè lọ ná nítorí ariwo, àti àlejò tí ó yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà nítorí ìtìjú, kò dín in kù pẹ̀lú. Òfò tí ó ti ara gbèsè wá, ṣùgbọ́n tí kò wọ àpò olówó, ni a ń pè ní ìnáwó ìnira gbèsè.

Ìdáhùn

Franco Modigliani àti Merton Miller ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lélẹ̀. Ní 1958 wọ́n fi hàn pé níbi tí kò bá sí owó-orí, tí kò sì sí ìnira kankan, ìdá gbèsè kì í fi kún iye ilé-iṣẹ́, kì í sì í dín in kù. Bí a ṣe pín àkàrà kì í sọ ọ́ di ńlá. Ní 1963 wọ́n mú owó-orí wọ inú ìṣirò náà, ọ̀rọ̀ sì yí padà, nítorí pé gbogbo náírà tí a bá san gẹ́gẹ́ bí èlé ń bọ́ lọ́wọ́ agbowó-orí. Ohun tí èyí ń sọ ni pé kí ilé-iṣẹ́ máa yáwó títí gbèsè yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo owó rẹ̀. A kò rí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1973 ni Alan Kraus àti Robert Litzenberger fi ìnáwó ìnira gbèsè sí apá kejì òṣùwọ̀n, tí àbá òṣùwọ̀n alápá méjì sì fi dúró. A lè kọ ọ́ báyìí:

I = I₀ + oG − N

I dúró fún iye ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ gbèsè. I₀ ni iye rẹ̀ bí kò bá jẹ gbèsè rárá. O ni ìdá owó-orí. G ni iye gbèsè, bí a bá gbà pé yóò wà títí. N sì ni iye ìnáwó ìnira tí a ń retí. Níwọ̀n ìgbà tí oG bá ń pọ̀ ju N lọ pẹ̀lú gbèsè kọ̀ọ̀kan tí a fi kún un, ó yẹ kí a máa fi kún un. Ibi tí èrè gbèsè tí a fi kún un kẹ́yìn bá ti dọ́gba pẹ̀lú òfò rẹ̀ ni ìdá gbèsè àfojúsùn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn máa ń dúró sí. Ní tiwa, ibí yìí ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ilé-iṣẹ́ kan ní Kìṣí tí ń ra èso igi èmí lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí ń ṣà á nínú ẹgàn, tí ń fún òrí, tí ó sì ń tà á fún àwọn tí ń ṣe ìpara. Àpẹẹrẹ lásán ni, ṣùgbọ́n irú òwò bẹ́ẹ̀ bá ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó wà láàrin Kìṣí àti Ìgbòho mu. Ká ní owó tí ó fi dúró jẹ́ ₦200 mílíọ̀nù, tí ọjà tí ó ń tà lọ́dún jẹ́ nǹkan bí ₦300 mílíọ̀nù, tí báńkì sì ń gba èlé ìdá 20 nínú 100. Ìdá owó-orí ilé-iṣẹ́ ńlá ní Nàìjíríà jẹ́ 30 nínú 100, òun ni a ó sì lò.

Èrè kí a tó yọ èlé kì í dúró sójú kan. Èso èmí a máa so lọ́dún kan, a sì máa ṣọ̀wọ́n lọ́dún mìíràn. Àṣẹ ìjọba pẹ̀lú lè yí ọjà padà lójijì. Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó èso náà jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí láìfún un ní òrí, fún oṣù mẹ́fà. Irú òfin bẹ́ẹ̀ a máa mú kí èso rọ ẹni tí ń fún òrí lọ́rùn, a sì máa pa ẹni tí ó ti ra èso jọ láti tà á sókè òkun lára. Nítorí náà, ká ní nínú ọdún mẹ́wàá, ọdún márùn-ún dára, tí èrè jẹ́ ₦84 mílíọ̀nù. Ọdún mẹ́ta wà ní agbedeméjì, tí èrè jẹ́ ₦50 mílíọ̀nù. Ọdún méjì sì burú, tí èrè kò ju ₦15 mílíọ̀nù lọ. Bí a bá ṣírò rẹ̀ pọ̀, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ ₦60 mílíọ̀nù lọ́dún.

Ká kọ́kọ́ yá ₦50 mílíọ̀nù. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦10 mílíọ̀nù. Nínú ọdún burúkú pàápàá, ₦15 mílíọ̀nù tó láti san án. Láìsí gbèsè, owó-orí ọdún yẹn ìbá jẹ́ ₦4.5 mílíọ̀nù, nígbà tí a yọ èlé, èrè tí ó kù láti bu owó-orí lé jẹ́ ₦5 mílíọ̀nù, owó-orí sì di ₦1.5 mílíọ̀nù. Asà náà jẹ́ ₦3 mílíọ̀nù. Bákan náà ni yóò rí ní ọdún dáadáa, nítorí pé 30 kọ́bọ̀ ni asà ń dá padà lórí náírà kọ̀ọ̀kan tí a bá san gẹ́gẹ́ bí èlé, níwọ̀n ìgbà tí èrè bá wà láti yọ ọ́ nínú rẹ̀.

Bí a bá gbé gbèsè dé ₦75 mílíọ̀nù, èlé á di ₦15 mílíọ̀nù, gẹ́lẹ́ bí èrè ọdún burúkú. Asà di ₦4.5 mílíọ̀nù lọ́dún, olówó kò sì tíì dógò tì wá.

Ṣùgbọ́n ká tún gbé e dé ₦100 mílíọ̀nù. Èlé di ₦20 mílíọ̀nù. Ní ọdún burúkú, èrè ₦15 mílíọ̀nù kò tó o san. Ohun méjì ni yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní, asà náà kò ní tóbi bí a ti rò: ₦15 mílíọ̀nù péré ni ó wà láti yọ èlé nínú rẹ̀, nítorí náà asà ọdún náà jẹ́ ₦4.5 mílíọ̀nù dípò ₦6 mílíọ̀nù. Lóòótọ́, òfin gbà pé kí a gbé àdánù ọdún kan lọ sí ọdún tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n asà tí ó dé lẹ́yìn ogun kò níyì tó èyí tí ó wà lọ́wọ́. Ìpíndọ́gba asà náà jẹ́ ₦5.7 mílíọ̀nù. Èkejì, ológò ti dé. Ká ní òfò tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ₦16 mílíọ̀nù ní ọdún burúkú kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé ọdún méjì nínú mẹ́wàá ni irú rẹ̀ máa ń wáyé, òfò tí a ń retí lọ́dún jẹ́ ₦3.2 mílíọ̀nù. Ohun tí ó kù nínú asà jẹ́ ₦2.5 mílíọ̀nù, èyí tí ó kéré sí ti ₦75 mílíọ̀nù, ó kéré sí ti ₦50 mílíọ̀nù pàápàá. Bí gbèsè bá dé ₦150 mílíọ̀nù, tí òfò ọdún burúkú sì di ₦40 mílíọ̀nù, asà á jẹ́ ₦8.1 mílíọ̀nù, òfò tí a ń retí á jẹ́ ₦8 mílíọ̀nù. ₦100,000 péré ni ó kù lọ́wọ́.

Òǹkàwé lè béèrè ibi tí ₦16 mílíọ̀nù òfò náà ti jáde wá, nígbà tí kò sí ẹni tí ó jó ilé-iṣẹ́ náà níná. Apá kan rẹ̀ ni ìnáwó ojútáyé: owó agbẹjọ́rò, owó aṣàyẹ̀wò ìwé ìṣirò, owó ìtanràn báńkì. Èyí kì í pọ̀ tó bí ènìyàn ṣe rò. Apá tí ó wúwo ni ìnáwó abẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin tí ó ti ń kó èso wá láwìn, tí wọ́n ń dúró de owó wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a gbọ́ pé báńkì ti ń yọ ilé-iṣẹ́ lẹ́nu, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó lọ́wọ́ kí wọ́n tó sọ àpò kalẹ̀. Nítorí pé owó lọ́wọ́ kò sí, èso tí ó yẹ kí a rà ní àkókò rẹ̀ a bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Òrí tí ó yẹ kí a tọ́jú pamọ́ títí ọjà yóò fi gbówó lórí ni a ó tà lọ́pọ̀ kí a lè rí owó san. Ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ tún ṣe a wá iṣẹ́ lọ sí Ìlọrin. Bí ó bá wá di pé kí a ta ẹ̀rọ ìfúnrí fúnra rẹ̀, ta ni yóò rà á? Ọkọ̀ akẹ́rù ṣeé tà níbikíbi. Ẹ̀rọ tí ó wà fún èso kan ṣoṣo kò níyì lọ́wọ́ ẹni tí kò sí lágbègbè tí èso náà ti ń so. Nítorí èyí, ilé-iṣẹ́ tí ohun ìní rẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ àti ilé lè gbé ìdá gbèsè tí ó ga ju ti ilé-iṣẹ́ òrí lọ, bí èrè wọn tilẹ̀ dọ́gba.

Láti inú ìṣirò tí a ṣe, ó dà bí ẹni pé ₦75 mílíọ̀nù, ìyẹn ìdá 37.5 nínú 100, ni ìdáhùn. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ yóò gba máàkì, ṣùgbọ́n èmi kò ní fún un ní gbogbo rẹ̀. Ìdí ni pé èlé báńkì ní ilẹ̀ wa kì í dúró sí ibi tí a bá a. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún 2022, ìdá èlé tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi ń darí èlé yòókù jẹ́ 11.5 nínú 100. Ní oṣù kọkànlá 2024, ó ti di 27.5. Bí èlé ilé-iṣẹ́ wa bá ti 20 di 25 nínú 100, èlé lórí ₦75 mílíọ̀nù á di ₦18.75 mílíọ̀nù, ọdún burúkú kò sì ní lè gbé e mọ́. Ní ìdá 25, ₦60 mílíọ̀nù ni gbèsè tí èlé rẹ̀ jẹ́ ₦15 mílíọ̀nù. Ní ìdá 30, ₦50 mílíọ̀nù ni.

Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí níbí ni pé asà kò pọ̀ sí i tàbí dín kù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ₦4.5 mílíọ̀nù náà ni. Èlé tí a san ni asà ń tẹ̀lé, kì í ṣe iye tí a yá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìnira ṣe ń tẹ̀lé èlé, pẹ̀lú owó tí a ní láti dá padà. Nítorí náà, bí báńkì bá lè yí èlé padà nígbà tí ó bá wù ú, ìdá gbèsè àfojúsùn ilé-iṣẹ́ yìí jẹ́ nǹkan bí 25 nínú 100. Bí ó bá rí ẹni tí yóò yá a lówó pẹ̀lú èlé tí a dè mọ́lẹ̀ ní ìdá 20 fún gbogbo ọdún àdéhùn, ó lè sún un sí 35, kí ó sì fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ 37.5, nítorí pé ọdún tí ó burú ju èyí tí a fojú inú wò lọ kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé.

Ìkìlọ̀ kan tún wà nípa asà fúnra rẹ̀. Òfin ìṣúná ọdún 2019, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020, sọ pé ilé-iṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ kò ju ₦25 mílíọ̀nù lọ lọ́dún kò ní san owó-orí yìí rárá. Èyí tí ọjà rẹ̀ wà láàrin iye náà àti ₦100 mílíọ̀nù yóò san ìdá 20. Òfin owó-orí tuntun tí a fọwọ́ sí ní 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026, gbé ààlà ilé-iṣẹ́ kékeré náà sókè. Fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń fún òrí ní Kìṣí, tí ọjà wọn kò kọjá ààlà, kò sí ọfà, nítorí náà asà kò wúlò. Apá kan òṣùwọ̀n ṣófo. Apá kejì, tí í ṣe ìnira, wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Wọ́n lè ní ìdí mìíràn láti yáwó, bí i kí wọ́n rí owó ra èso nígbà tí ó pọ̀, ṣùgbọ́n ìdí tí ó ti ara owó-orí wá kò sí. Ọ̀rọ̀ fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ: ìyọkúrò tí òfin fún un lórí ẹ̀rọ náà lè ti jẹ èrè tí à bá bu owó-orí lé tán, kí èlé tó dé.

Bí a bá fẹ́ rí ìnira gbèsè lójú ayé, ní ibi tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n, kí a kúrò ní Kìṣí kí a lọ sí Èkó. Ní 2013, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Etisalat Nàìjíríà yá bílíọ̀nù 1.2 dọ́là lọ́wọ́ báńkì 13, láti fi san gbèsè àtijọ́ kí ó sì fi mú iṣẹ́ rẹ̀ gbòòrò. Apá kan gbèsè náà jẹ́ dọ́là, bẹ́ẹ̀ náírà ni àwọn oníbàárà fi ń san owó ìpè. Ní oṣù kẹfà 2016, Báńkì Àpapọ̀ tú okùn tí ó so náírà mọ́lẹ̀. Dọ́là tí ó ti wà ní nǹkan bí ₦197 fò kọjá ₦280. Gbèsè wú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yá kọ́bọ̀ kún un. Nígbà tí ó di 2017, ilé-iṣẹ́ náà kò lè san án bí a ti ṣe àdéhùn mọ́. Àjọ tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ àti Báńkì Àpapọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà kí àwọn báńkì má baà gba ilé-iṣẹ́ náà lọ́sàn-án gangan; síbẹ̀, àwọn onípìn-ín láti Abu Dhabi fà sẹ́yìn, wọ́n sì kó orúkọ wọn lọ. Ní oṣù keje ọdún náà, ó di 9mobile. Ní oṣù kẹjọ 2025, ó tún di T2.

Ẹ wò ó pé ilé-iṣẹ́ náà kò tú ká. Àwọn òpó rẹ̀ dúró, ìlà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún polówó di ohun tí a pa tì láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń ṣí lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò sí ológò lẹ́nu ọ̀nà wọn. Kò sí èyíkéyìí nínú òfò wọ̀nyí tí ó wọ àpò àwọn báńkì 13 náà.

Fún olùṣirò owó tí ó wà ní Kìṣí, àmì tí yóò máa wò ni iye ìgbà tí èrè kí a tó yọ èlé fi pọ̀ ju èlé lọ. Lórí ₦50 mílíọ̀nù ní ìdá 20, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà, ti ọdún burúkú sì jẹ́ ìlọ́po kan àbọ̀. Nọ́ńbà kejì yìí ni kí ó kọ sí ara ògiri. Bí báńkì bá kọ̀wé pé èlé ti di 30, ìlọ́po kan àbọ̀ náà ti di ẹyọ kan ní ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, kí èso èmí kankan tó bọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ náà ni kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í san nínú gbèsè náà padà.